Aago Ta Ni À Ń Wò?

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn ará ilé mi ti ní àwọn kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Télọ̀ ni mí ní Mókólá, n'Ìbàdàn. N kò jẹ gbèsè, n kò mu sìgá, agbádá tí mo bá rán kì í fa olówó rẹ̀ lọ́rùn. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí mo ṣẹ̀ ni pé mo gba nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ àǹtí mi nínú oṣù Kejìlá.

"Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni," àǹtí wí. "Kánádà ló wà. Ó níwà. Ẹ ṣáà máa bá ara yín sọ̀rọ̀." Ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀! Òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń gbé inú yàrá kan náà láti ọgbọ̀n ọdún, ó sì lè pé ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó bá ara wọn sọ gbólóhùn kan.

N kò ní dárúkọ ọmọbìnrin náà, torí ó máa ń ka nǹkan. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ọmọ Òtútù. Wínípẹ́ẹ̀gì ló ń gbé, ìlú tí inú fíríìsà ti máa ń móoru ju ìta lọ lóru oṣù Kìíní. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru sì ni: ó ń wọlé ní aago mọ́kànlá alẹ́, ó ń jáde ní aago méje àárọ̀.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Nígbà òtútù, wákàtí méje ni Ìbàdàn fi ń ṣáájú ibẹ̀. Tí ó bá ń wọṣẹ́, aago mẹ́fà ìdájí ti lù lọ́dọ̀ mi, mo ń wá omi tí n ó fi wẹ̀. Tí ó bá ráyè jókòó díẹ̀ ní aago mẹ́ta òru, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni tèmi, oníbàárà mẹ́ta ti dúró lé mi lórí, ọ̀kan nínú wọn ń béèrè aṣọ tí n kò tíì gé. Tí ó bá jáde níbi iṣẹ́, aago méjì ọ̀sán ni. Ìṣẹ́jú 45 ló ń lò nínú bọ́ọ̀sì. Tí ó bá ti délé, oorun gbé e lọ nìyẹn, ìgbà tí yóò bá sì jí, èmi ni mo ń hanrun. Nínú gbogbo wákàtí 24 tí Elédùmarè dá, ìṣẹ́jú 45 inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n gé fún mi, bí ẹni gé aṣọ tí kò tó ṣòkòtò.

Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Tí aago méjì bá ti lù, n ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, n ó lọ jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ti mọ́ wa lára, àfi ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kẹta. Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti pa fóònù mi lẹ́nu mọ́. Nígbà tí mo délé, tí mo wò ó, ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín aago kan sí aago kan ààbọ̀. Aago méjì lù, mo pè, kò gbé e. Mo tún pè, kò gbé e. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: ẹni tí a jọ fi àdéhùn sí aago méjì, tó wá ń pè ní aago kan, kí ló ń wá? Ó fẹ́ yọ́ kẹ́lẹ́ wò bóyá obìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi ni! Lọ́dọ̀ tirẹ̀, àṣé òun náà ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọkùnrin tí kò lè gbé fóònù lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyàwó rẹ̀ ló jókòó tì í.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi bínú. Ọmọṣẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí kò tíì mọ bọ́tìnnì í rán tán, ló tú àṣírí náà. Ó ní, "Ọ̀gá, àbí wọ́n ti yí aago padà lọ́hùn-ún?" Wọ́n ti yí i padà lóòótọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù Kẹta, wọ́n á fa aago síwájú ní wákàtí kan. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, wọ́n á dá a padà. Méje ti di mẹ́fà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Àwọn èèyàn kan fọwọ́ kan aago lókè òkun, ilé mi tí n kò tíì kọ́ dàrú ní Mókólá. Òun náà kò rò ó, torí fóònù rẹ̀ ló bá a yí i, bọ́ọ̀sì rẹ̀ kò sì yẹ̀. Láti ìgbà náà, a kò dárúkọ aago fún ara wa mọ́. "Tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì" ni àdéhùn wa. Mo tún fi aago Wínípẹ́ẹ̀gì sójú fóònù mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Nàìjíríà. Tí ó bá yí, yóò yí níṣojú mi.

Ti máàkì inú Wasáàpù ńkọ́? Máàkì kan, ọ̀rọ̀ rẹ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Méjì, ó ti dé. Tí méjèèjì bá di aláwọ̀ búlúù, ó ti ṣí i. Èmi tí mo lè wo ọ̀nà ọrùn aṣọ kí n sọ télọ̀ tó rán an, mo di babaláwo máàkì. Ó búlúù láti ìdájí, kò fèsì, kí ni mo ṣe? Àṣé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń ti fóònù wọn mọ́ tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí i lẹ́nu ọ̀nà, ó tì í mọ́bẹ̀, ó lọ yí arúgbó padà lórí ibùsùn. Máàkì kò mọ nǹkan kan nípa ọkàn èèyàn. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn mí, n kì í kọ ọ́ ránṣẹ́ mọ́. Mo ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Àmọ́ tí bọ́ọ̀sì bá dé, kí ni a ń sọ? Ibi tí ìyà náà wà gan-an nìyí. "Ẹ kú iṣẹ́ o." "Ẹ kú ọ̀sán." "Ṣé ẹ ti jẹun?" "Mo ti jẹun. Ẹ̀yin ńkọ́?" "Òtútù ńkọ́?" "Ó wà ńbẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, a ó máa gbọ́ èémí ara wa, pẹ̀lú owó dátà tó ń jó. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀rọ̀ dídùn ni kí n máa fi ránṣẹ́. Mo jókòó, mo kọ ìlà mẹ́jọ, mo fi í wé òṣùpá, mo fi í wé ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Ó fèsì: "Ẹ ṣé."

Ẹ ṣé!

Ohun tó gbà mí kì í ṣe ọgbọ́n mi rárá. Mo fẹ́ kí i ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní fọ́ìsì nóòtì, ọwọ́ mi ti ibi tí wọ́n ń tẹ̀ sókè, ó há síbẹ̀, ó ń gba ohùn sílẹ̀ n kò mọ̀. Oníbàárà kan sì wọlé. Agbádá tó wọ̀n ní oṣù Kẹwàá kò gbà á mọ́ nínú oṣù Kẹrin, ó ní èmi ni mo rán an kéré, òun kò sì ní san owó tó kù. Mo ní ọ̀gá, ẹ wo inú yín. Ó ní kí ni inú òun ṣe? Ọmọṣẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, mo lé e síta. Odindi ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ wà ńbẹ̀, ẹlẹ́kọ tó ń kiri wà ńbẹ̀. Ohùn náà ti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó mọ̀. Ojú tì mí bí ẹni tí ṣòkòtò já lábẹ́ rẹ̀ lọ́jà.

Nígbà tí ó wọ bọ́ọ̀sì, kò kí mi. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ṣé bàbá alágbádá ti sanwó?"

Bọ́ọ̀sì dúró, kò mọ̀. Ó kọjá ibi tó yẹ kó sọ̀ sí. Láti ọjọ́ náà, bàbá alágbádá ni àlejò wa. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi tirẹ̀ ránṣẹ́: bí yìnyín ṣe ń dún kẹrẹkẹrẹ lábẹ́ bàtà rẹ̀, bí bàbá arúgbó kan tí kò dárúkọ ṣe ń fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí lóròòru, tó ń bẹ̀ ẹ́ kó má sọ. Èmi náà ń béèrè: búrẹ́dì ńkọ́ lánàá? N kò mọ bàbá náà, n kò ní rí i láéláé, ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, n kò lè gé aṣọ dáadáa. Ìyá mi, nígbà tí mo ròyìn fún un, ní kò sí ohun tuntun ńbẹ̀: kí fóònù GSM tó dé ní 2001, kásẹ́ẹ̀tì ni àbúrò òun fi máa ń bá ilé sọ̀rọ̀ láti Lọ́ńdọ́nù, ibi tó sì máa ń dùn jù ni ibi tó bá gbàgbé pé òun ń gba ohùn sílẹ̀, tó ń bá ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ jà.

Ọ̀rọ̀ owó, kíá ni n ó gba ibẹ̀ kọjá. Dátà mi tán nínú oṣù Karùn-ún, owó kò sí lọ́wọ́, mo sì dákẹ́ ọjọ́ méjì, torí bí mo bá sọ ọ́, ó lè rò pé mo ń tọrọ. Òun rò pé mo ti rí ẹlòmíràn. Nígbà tí mo jẹ́wọ́, ó ní ìjà kan ṣoṣo tí òun ń bẹ̀rù ni kí n má lọ sọ pé kí òun wá mú mi lọ sí Kánádà. A wá jọ ṣe é lófin pé owó àti ìwé ìrìnnà kò gbọ́dọ̀ wọ àárín wa títí a ó fi fojú kan ara wa. Tí dátà bá tán, kí n yá tọmọṣẹ́ mi, kí n kọ "dátà" ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹ̀sùn tó kù ni ti "ẹ". Oṣù méje la fi ń "ẹ" ara wa bí àna méjì. Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, mo lè sọ pé "o", ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, tó sì ní mo ń rí òun fín ńkọ́? Ní oṣù Keje, mo ń ròyìn bí ẹ̀rọ mi ṣe dẹnu kọlẹ̀ láti àárọ̀, ni mo bá gbọ́: "Ìwọ ọkùnrin yìí, o ò tíì jẹun látàárọ̀, o ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ? Lọ jẹun, jọ̀ọ́!"

Mo di fóònù mú. Kò sẹ́ni tó tíì fi "o" kẹ́ mi báyìí rí. Mo lọ jẹ ẹ̀bà. Lọ́jọ́ kejì, mo fi tèmi dán an wò, ohùn mi ń gbọ̀n: "Ṣé o sùn dáadáa?" Ó rẹ́rìn-ín títí tí obìnrin tó jókòó tì í fi yíjú wò ó. Ó ní láti oṣù Kejì lòun ti ń retí rẹ̀. Ẹ gbọ́! Láti oṣù Kejì! Ó sì jẹ́ kí n máa dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù ní gbogbo ìgbà yẹn!

Ó ń bọ̀ nílé nínú oṣù Kejìlá. Bàbá alágbádá kò tíì sanwó. Ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá láàárín aago kan sí aago méjì ọ̀sán. Tí oṣù Kọkànlá bá dé, aago méjì sí mẹ́ta ni.