Kìnnìún Tí Ń Wàásù Sùúrù

Àwọn àgbà tó ní onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún kò purọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí à á ṣe fún wa bí kìnnìún fúnra rẹ̀, ọlọ́là ijù, bá jókòó tí ó ń wàásù sùúrù fún ẹni tó gbé igbá dání. Ìwàásù náà ni mo ń gbọ́ kiri Alímọ̀ṣọ́ báyìí, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìgàndò, lẹ́nu àwọn iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí fóònù.

Onígbàjámọ̀ kan ní Ìkòtún, aládùúgbò mi, fi ₦500 ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ó sì jẹ ₦212,000. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ó ní kí wọ́n san owó náà sí báǹkì òun. Iléeṣẹ́ tí kò bi í léèrè ọmọ ẹni tí í ṣe nígbà tó ń san ₦500 wọlé wá ń béèrè nọ́ńbà NIN, nọ́ńbà BVN, àti àwòrán ojú rẹ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 9, wọ́n kọ Verified sí ojú ìwé rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí oṣù Kẹta fi wọlé, Pending ni owó ń jẹ́, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní sùúrù" sì ni èsì tí wọ́n ń fún un.

Ẹ wo ọgbọ́n inú sùúrù yìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pending náà ni bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ Cancel Withdrawal sí: ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, owó rẹ̀ yóò padà sínú àpò tẹ́tẹ́, níbi tí ìdíje alẹ́ ọjọ́ náà ti ń dúró dè é. Owó tí a dì mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ọwọ́ olówó sì ń yún un, kì í sábà dé báǹkì. Ní Ìlú Ọba, àjọ tí ń ṣàkóso tẹ́tẹ́ ti fòfin de bọ́tìnnì yìí láti 31 October 2021. Kó tó dìgbà náà, láti 7 May 2019, ni wọ́n ti kọ̀ fún iléeṣẹ́ láti dúró di ìgbà tí oníbàárà fẹ́ gbowó kó tó béèrè ohun tó lè ti béèrè tẹ́lẹ̀. Àṣé kìnnìún òyìnbó náà kì í fínnúfíndọ̀ fúnni ní wàrà!

Lẹ́tà tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ kọ, èpè ni látòkè délẹ̀. Mo ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n, a sì jọ tún un kọ:

"Mo béèrè ₦212,000 ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, nọ́ńbà ìbéèrè náà àti ti tíkẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí ìdánimọ̀ mi ní ọjọ́ 9. Àwòrán ojú fóònù tó fi hàn bẹ́ẹ̀ rèé. Orúkọ tó wà lọ́dọ̀ yín náà ló wà ní báǹkì mi, àkáǹtì kan ṣoṣo ni mo ní, n kò sì gba ẹ̀bùn kankan tí mo gbọ́dọ̀ tún fi ta tẹ́tẹ́. Ẹ san owó náà láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí ẹ kọ ìlà òfin yín tí ẹ fi dì í mú ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ bá ní ẹ ti san án, ẹ fún mi ní Session ID rẹ̀."

Mẹ́ta nínú àwọn àwáwí tí wọ́n máa ń rí wí ló wà nínú gbólóhùn kan náà: orúkọ tí kò bára mu, àkáǹtì méjì, àti ẹ̀bùn tí a kò tíì ta tán. Ẹni tí ọ̀kan nínú wọn bá bá wí, kó yáa tún un ṣe kó tó kọ̀wé, nítorí ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ yóò dì mú. Ní ti Session ID, nọ́ńbà ọlọ́gbọ̀n ni, òun sì ni báǹkì fi ń tọpasẹ̀ owó. Iléeṣẹ́ tó bá ń sọ pé "báǹkì yín ló fà á" tí kò sì lè mú un jáde, ó ṣeé ṣe kí owó náà má tíì kúrò lápò rẹ̀.

Mo ní kó fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí àjọ tí ń ṣàkóso lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nítorí láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti fagi lé òfin lọ́tìrì ti ìjọba àpapọ̀ ní 22 November 2024, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Iléeṣẹ́ tó gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ wọn nìkan ni wọ́n lè pè lẹ́jọ́. Ẹni tó bá lọ ta tẹ́tẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí kò sẹ́ni tó mọ ilé wọn, lẹ́tà rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò kà á. Aládùúgbò mi gbà, ó bu ọwọ́ lùwé, ó sì wá bi mí bóyá òun kò lè yọ ₦12,000 péré nínú owó náà fi ta ti ọjọ́ Sátidé, nígbà tí òun bá ń dúró dè wọ́n.