Ẹ Bi Ìyá Onígbálẹ̀: Kì í Ṣe Ayé, Omi Ló Gbẹ

*Ìyá Onígbálẹ̀, mo kí yín o. Fúláàtì oníyàrá méjì kan wà lẹ́yìn ilé mi ní Ìwàrè. Olùkọ́ tó ń gbé ibẹ̀ kó lọ sí Ọ̀yọ́ nígbà tí ọyẹ́ ń mú, ilé náà sì ṣófo títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ajẹ́ńtì ń mú èèyàn wá wò ó, àmọ́ bí wọ́n bá ti dé pálọ̀, wọ́n á yínmú, wọ́n á ní àwọn ń lọ bá ọkọ àwọn sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ lọ́kọ. Mo ti gbá a, mo ti nù ún, mo ti fọ́n lọ́fínńdà títí mo fi ń sín. Ìyàwó mi ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ẹ gbà mí.*
*Onílé Tí Àpò Rẹ̀ Gbẹ, Ìwàrè*

Bàbá onílé, ẹ bá mi sọ fún ìyàwó yín kó fi ayé sílẹ̀. Omi ló gbẹ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ síńkì ilé ìdáná yẹn. Ẹ ó rí i pé páìpù ibẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ. Ó lọ sísàlẹ̀, ó tún tẹ̀ padà sókè díẹ̀, kó tó wá máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Tíráàpù ni àwọn púlọ́ḿbà ń pè é. Bí èèyàn bá ń gbé inú ilé, omi tí wọ́n fi ṣan abọ́ kẹ́yìn máa ń dúró sí ibi tó tẹ̀ yẹn. Omi díẹ̀ yẹn ni ẹ̀ṣọ́ tó wà láàárín imú yín àti sókáwéè ẹ̀yìnkùlé. Ìkejì rẹ̀ wà nínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ìkẹta wà lábẹ́ ihò tí omi ń bá jáde nílẹ̀ balùwẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ kó lọ, kò sẹ́ni tó ń da omi sí wọn mọ́. Ọyẹ́ sì rèé, ó ń fa omi kúrò lára aṣọ, ó ń fà á kúrò létè, ó wá fa ti inú páìpù náà gbẹ. Àtìgbà náà ni òórùn kòtò ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn, tòun ti aáyán.

Nítorí náà, ẹ fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ ná, ẹ gbé korobá. Ẹ da ìdajì korobá omi sí ihò balùwẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sí síńkì, kí ẹ sì da odidi korobá kan sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ bu òróró ṣíbí méjì sí ihò balùwẹ̀ àti síńkì. Òróró á léfòó lórí omi náà, kò ní jẹ́ kó tètè gbẹ. Òróró o, kì í ṣe epo pupa, nítorí mi ò fẹ́ kí ajẹ́ńtì wọlé kó bá epo létí ihò, kó wá rò pé ẹ̀ ń bọ nǹkan. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé di ọjọ́ kejì. Ẹ ó rí i pé òórùn náà ti lọ.

Bí ó bá lọ tó sì padà dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tíráàpù yẹn ń jò nìyẹn. Ẹ fi bébà gbígbẹ nu abẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ń tutù. Bí kò bá lọ rárá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò balùwẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti da omi sí i. Ó yẹ kí ẹ rí omi tó ń dán nísàlẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, a jẹ́ pé ẹni tó kọ́ ilé yín fi owó tíráàpù jẹ iyán, ó na páìpù tààrà lọ sínú kòtò. Púlọ́ḿbà nìkan ló lè bá yín tú u. Bí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ bá sì ń ṣe kùlùkùlù nígbà tí ẹ bá da omi sí i, tí omi rẹ̀ sì ń lọ́ra wálẹ̀, ó ṣeé ṣe kí sókáwéè ti kún, oníṣẹ́ mìíràn sì nìyẹn.

Ní ti lọ́fínńdà, ẹ gbé e padà fún ìyàwó yín. Ẹni tó bá wọ ilé òfìfo tó ń ta sánsán, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé, ta ló kú síbí?

Ẹ fi kún un nísàlẹ̀ lẹ́tà yín pé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn ti pọ́n bíríkítí, pé ẹ ti da Háípò sí i títí, ńṣe ló ń pọ́n sí i. Omi bóòhóòlù lẹ ń lò, àbí? Ìpáta irin ló wà nínú omi yẹn, Háípò kì í sì í bọ́ ìpáta, ó máa ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra sí i ni. Nǹkan kíkan ló ń bọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ da omi lù ú dáadáa kí Háípò kankan má ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ẹ bu omi tó wà nínú àwo kúrò, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́wàá sí ojú ibi tó pọ́n, ẹ wọ́n iyọ̀ lé e, ẹ fi tísù bò ó kí omi ọsàn má baà ṣàn lọ, ẹ sì fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gbé búrọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí ẹ fọ Háípò kúrò ná nítorí pé bí òun àti nǹkan kíkan bá pàdé, èéfín tó ń jáde lára wọn máa ń jó ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Ó ti gbé èèyàn lọ sí ọsibítù rí. Balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kì í ṣe ibi tí a ti ń dán an wò.

*Ẹ̀yin ìyá wa, ilé àǹtí mi ni mò ń bójú tó ní Fìdítì, Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn wà. Àbàwọ́n omi kan wà ní síílìn yàrá, ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Mo ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń padà wá. Àǹtí ní mo ti ná owó ọ̀dà. Kí ni kí n ṣe?*
*Ọmọ Àbúrò Tí Wọ́n Fura Sí, Fìdítì*

Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ni o ná owó ọ̀dà? Má dá mi lóhùn níwájú gbogbo ayé.

Ọ̀dà olómi tí ẹ fi ń kun ògiri kì í di àbàwọ́n omi. Omi inú rẹ̀ gan-an ló ń tú àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ yẹn, tó ń fà á jáde sójú. Wàá kùn ún lónìí, á funfun báláú, tó bá di ọ̀la, ó ti yọjú. Ohun tó wà lókè síílìn ni kí o kọ́kọ́ wá. Bẹ káfíńtà kó gòkè nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kó wo orí ìṣó páànù tó wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà abẹ́ ìṣó ló máa ń gbó tí oòrùn á fi là á, omi á sì máa gba ibẹ̀ jò. Kó yọ ìṣó náà, kó fi tuntun tó ní rọ́bà sí i. Jẹ́ kí òjò ńlá méjì rọ̀ sí i. Bí síílìn bá gbẹ fúrúfúrú lẹ́yìn méjèèjì, ìgbà náà ni wàá fi ọ̀dà olóyìnbó, ìyẹn ọ̀dà elépo tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn, kun ojú àbàwọ́n náà nìkan, kí o mú un kọjá etí rẹ̀ díẹ̀. Tó bá gbẹ, kí o wá fi ọ̀dà olómi kun gbogbo síílìn, torí bí o bá kun ibì kan ṣoṣo, ojú àlejò kò ní kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ ṣọ́ra. Bí ilé yẹn bá ti pẹ́, tí síílìn rẹ̀ jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ eléérú tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dè létí, ó lè jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Má ṣe fi sáńpépà ha á, má sì dá a lu. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde. Ọ̀dà nìkan ni kí o fi kàn án.

Ní ti àǹtí, ya fọ́tò ìṣó tó gbó yẹn ránṣẹ́ sí wọn, kí o fi ọwọ́ ara rẹ mú un nínú fọ́tò náà. Mi ò sọ pé kí o fi eruku para díẹ̀ kí o tó yà á. Mi ò sì sọ pé kí o má ṣe bẹ́ẹ̀.

*Ìyá, ajẹ́ńtì ni mí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n máa ń wá bá mi, lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n sì ń ráyè. Fúláàtì kan wà lọ́wọ́ mi tó dára lóòótọ́, tí gbogbo wọn ń sọ pé yàrá rẹ̀ kéré, pé pálọ̀ rẹ̀ sì jọ ilé ìgbókùúsí. Mo ti fi tépù wọn yàrá yẹn fún wọn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí méjìlá ni. Wọn ò gbà.*
*Ajẹ́ńtì Aláìṣojúṣàájú, Ìlọrà*

Ajẹ́ńtì aláìṣojúṣàájú? Ẹ rọra o, ẹ̀rín ń pa mí.

Èèyàn kì í fi nọ́ńbà mọ bí yàrá ṣe tóbi, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lojú fi ń mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ojú kò ní ohun tó máa wọ̀n ọ́n mọ́, ló ṣe dà bíi pé ó kéré. Ẹ mú ẹfun, ẹ fi ya ojú bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ yàrá náà: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn, mẹ́rin àbọ̀ ní ìbú, kí orí rẹ̀ dojú kọ ògiri tí kò ní fèrèsé. Obìnrin tó bá wá wò ó á dúró ti ìlà yẹn, á na ọwọ́ sí ibi tí wọ́dúróòbù máa wà, á tún na ọwọ́ sí ibi tí ọmọ máa sùn sí. Kó tó jáde, ó ti kó ẹrù wọlé lọ́kàn ara rẹ̀. Ìlà náà kò gbọ́dọ̀ nípọn jù, ẹ má sì ya òbìrípo sí àárín rẹ̀. Bí ó bá jọ ibi ẹbọ, ẹ̀yin àti onílé lẹ máa bá ara yín sọ ọ́.

Ilé ìgbókùúsí yẹn ńkọ́? Ẹ lọ wo páálí gílóòbù tó wà níbẹ̀. Ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí lẹ́tà K wà nídìí rẹ̀. Mo lè búra pé 6500K ni. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun débi pé ó fẹ́ jọ aró, ó dára fún ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì, àmọ́ lára ògiri aláwọ̀ mílíìkì, ńṣe ló máa ń jẹ́ kí èèyàn rí bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ẹ ra 3000K, oníwáàtì mẹ́sàn-án, méjì fún pálọ̀ àti ẹyọ kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má da méjèèjì pọ̀ nínú yàrá kan. Kí onílé sì fi owó díẹ̀ sí mítà, torí ẹni tó bá tẹ súìṣì tí kò rí iná, ìbéèrè nípa tíráńsífọ́mà ló kàn, ọ̀rọ̀ yẹn kì í sì í tán.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló sì dára jù, nítorí náà, bí ẹ bá lè rọ̀ wọ́n kí wọ́n wá ní Sátidé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ dípò lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kó tó di Sátidé náà, ẹ yọ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé kúrò, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Eruku pupa tó ń lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì ní agbègbè wa yìí ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn èèyàn á fọ dígí lúfà kó máa dán, wọ́n á sì gbàgbé nẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyókù kò pọ̀. Ẹ yá àga oníke funfun méjì lọ́wọ́ ìyàwó yín, ẹ da aṣọ òfì Ìséyìn bo ọ̀kan, ẹ tẹ́ ẹní sáàárín wọn. Kọ́tìnì kan ṣoṣo ti tó, kí ẹ so ó sókè nítòsí síílìn dípò orí fèrèsé, ògiri á dà bí èyí tó ga sí i. Kàlẹ́ńdà ayálégbé àtijọ́ ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ kúrò. Àti sítíkà "Ilé Yìí Ti Di Ti Olúwa" tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ háyà ilé fẹ́ mọ̀ pé ti onílé ṣì ni.

*Ìyá Onígbálẹ̀, ṣé mo lè fi fọ́tò ilé mìíràn polówó tèmi?*
*Mo Kàn Béèrè Ni, Ìwàrè*

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá dé, ẹ mú wọn lọ sí ilé inú fọ́tò.