Púlọ́mbà Tí Kì í Bínú

Ẹ̀yin ará, ẹjọ́ púlọ́mbà mi ni mo wá rò. Kò jí mi lówó, kò gba owó iṣẹ́ sá lọ, kò sì pa iṣẹ́ mi tì lọ ṣe ti ẹlòmíràn. Ká ní ó ṣe ọ̀kan nínú wọn ni, mo mọ bí mo ṣe máa pariwo, àwọn aládùúgbò á sì bá mi gbè é. Ẹ̀ṣẹ̀ tí Bàbá Ìbejì ṣẹ̀ mí ni pé kì í bínú. Sùúrù ọkùnrin yìí fẹ́ẹ̀ pa mí.

Ilé àkọ́kọ́ tí èmi àti Ìyá Tọ́pẹ́ máa kọ́ nìyí, ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ní Mowé. Láti ọjọ́ tí a ti kan òrùlé ni oorun ti dá lójú mi. Gbogbo ẹni tó ti kọ́lé rí ló ní ìtàn ìbànújẹ́ tirẹ̀ tó ń bá mi bọ̀: ti ẹni yìí, àwo ìyàgbẹ́ ń jò wọ pálọ̀, ti tọ̀hún, ẹ̀rọ omi já lóru, wọ́n jí, bàtà ń léfòó nínú yàrá. Nítorí náà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ń retí lẹ́nu púlọ́mbà: "Ẹ ra eléyìí." Kí n rà á, kí n lọ sùn.

Mo na fóònù mi sí i. Àwòrán àwo ìyàgbẹ́ kan ló wà níbẹ̀, ó funfun báláú, ó ń dán, ìdí rẹ̀ gún wálẹ̀ láìní kọ̀rọ̀. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ká ra eléyìí?"

Ó wò ó dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó rẹwà o, Bàbá Tọ́pẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ihò."

Mo fi ohun tó rẹwà han ọkùnrin, ó ní ká lọ wo ihò! A wọ ilé ìwẹ̀, ó lóṣòó, ó yọ tépù, ó wọ̀n ọ́n láti ara ògiri dé àárín páìpù tó yọrí nílẹ̀, èyí tí ìgbẹ́ máa gbà lọ. Sẹ̀ǹtímítà 30 àti ààbọ̀. Mo sáré wo fóònù mi: àwo náà fẹ́ 30. Inú mi dùn dé ibi tí mo ti ń wá nọ́ńbà oníṣòwò.

"Ẹ ṣe sùúrù," ni Bàbá Ìbejì wí. "Ṣé bíríkìlà ti rẹ́ ògiri yìí ni?"

Kò tíì rẹ́ ẹ. Búlọ́ọ̀kù lásán là ń wò. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi: rírẹ́ ògiri á gba sẹ̀ǹtímítà 1 àti ààbọ̀, táìlì pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tó máa lẹ̀ ẹ́ á gba 2. Ìyẹn lápapọ̀, 3 àti ààbọ̀. Nínú 30 àti ààbọ̀ tí mo ń yọ̀ lé lórí, 27 ló máa kù. Àwo tó bá sì ń fẹ́ 30, ẹ̀yìn táńkì rẹ̀ á ti kọ lu ògiri kí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ tó dé orí ihò.

Mo ní kò yé mi. Ó tún un ṣàlàyé. Mo ní ó fẹ́ẹ̀ yé mi. Ó mú àfọ́kù táìlì kan, ó gbé e sára ògiri, ó fi tépù wọ̀n ọ́n lójú mi, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà rárá. Mo wá rò pé mo ti gbọ́n jù ú lọ, mo ní, "Tí a kò bá wá lẹ táìlì sí ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa wo ibẹ̀?" Ẹlòmíràn ì bá bú mi. Bàbá Ìbejì kàn ronú sí i bí ẹni pé ọ̀rọ̀ gidi ni mo sọ. "Ó ṣeé ṣe, Bàbá Tọ́pẹ́. Ìyẹn á dá 2 padà fún wa, a ó wà ní 29. Ó wá ku 1."

Sẹ̀ǹtímítà kan! Ẹ wo ohun tó ń bá èèyàn jà nínú ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́.

Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé àwo onísẹ̀ǹtímítà 25 la máa rà. Àlàfo 2 á wà láàárín táńkì rẹ̀ àti ògiri, aṣọ ìnulẹ̀ á sì lè kọjá níbẹ̀. Mo ní Ìyá Tọ́pẹ́ ò ní gbà kí àlàfo wà. Ó ní kí n pè é wá kí òun ṣàlàyé fún un. Ó ṣàlàyé fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi gbà ní ìgbà àkọ́kọ́, èyí tí mo kà sí ìwọ̀sí.

Nígbà tí a dé ọjà ní Oríle, mo rí i pé oníṣòwò kankan kò bìkítà nípa ihò mi. "Ọ̀gá, èyí ló wà lóde báyìí!" "Alága, ti àwọn ọlọ́lá nìyí!" Gbogbo wọn ń fọwọ́ na ìdérí, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń pa á dé. Bàbá Ìbejì ní kí wọ́n dojú ọ̀kan dé kí òun wo ìdí rẹ̀. Ẹnu ìgbẹ́ rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn. Ó ní irú èyí, inú ògiri ni páìpù rẹ̀ máa ń gbà, ó wọ́pọ̀ nínú ilé alájà tí páìpù ń gba ara ògiri sọ̀ kalẹ̀; tiwa, inú ilẹ̀ ló ń lọ. Owó rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi kó tó sọ̀rọ̀. Mo dá a padà sápò pẹ̀lú ìbínú, ó sì ní kí n fojú fo ìyẹn, ká lọ wo ẹ̀rọ.

Ti ẹ̀rọ omi ló dùn mí jù. Èyí tí mo fẹ́ jẹ́ aláwọ̀ wúrà, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bíi ti lékeléke. Bàbá Ìbejì gbé e lé mi lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé ọ̀kan tí kò lẹ́wà lé mi lọ́wọ́ òsì, ó ní èwo ló wúwo? Èyí tí kò lẹ́wà ni. Ó yí ti wúrà dojú dé, ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, ó rọra ha ibi ẹsẹ̀ tó ní eyín, níbi tí àwọ̀ wúrà kò dé. Eérú ló yọ. Ó ha ti èkejì, ó pọ́n bí idẹ. Ó ní idẹ nìyẹn, òun ló máa tọ́jọ́ nínú omi. Síńkì lèyí tó dà bí eérú, á máa jẹrà lábẹ́ àwọ̀, ọjọ́ tí ẹ bá fi sípánà mú un, ọrùn rẹ̀ lè kán sínú ògiri. Mo ní ṣé òòfà kò lè sọ ọ́ fún wa láìjẹ́ pé à ń ha ọjà ọlọ́jà? Ó ní òòfà kì í mú idẹ, kì í sì í mú síńkì. Irin nìkan ló lè tú fó.

Oníṣòwò ń wò wá bí ẹni tó fẹ́ pe ọlọ́pàá. Bàbá Ìbejì bẹ̀ ẹ́, ó ra ti idẹ, ó sì ra kọ́ọ̀kì kéékèèké tó máa wà lábẹ́ bésìn kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀yìn àwo kọ̀ọ̀kan, kí a lè ti omi ibì kan láìti ti gbogbo ilé. Mo sanwó. Kò sí ẹni tó máa wá kí mi nílé tó máa yin kọ́ọ̀kì abẹ́ bésìn.

Ó wá ku ṣáwà. Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi ránṣẹ́ sí wa, nínú páálí tó lẹ́wà ju aṣọ ọdún mi lọ. Ṣáwà òjò ni, orí rẹ̀ fẹ̀ tó àwo ìjẹun, ihò rẹ̀ kò lóǹkà. Ìyá Tọ́pẹ́ ti ń lálàá rẹ̀. Bàbá Ìbejì fa ìwé inú páálí yọ, ó kà á, ó pa á pọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní, "Màmá Tọ́pẹ́, ẹ jẹ́ ká lọ wo táńkì."

Ìdí táńkì wa ga tó mítà 3, nítorí pé ibẹ̀ lowó irin ti tán. Orí ṣáwà máa wà ní nǹkan bíi mítà 2 sílẹ̀. Ó ní bí omi bá kún táńkì dẹ́nu, ìwọ̀n láti ojú omi dé orí ṣáwà kò ní ju mítà 2 àti ààbọ̀ lọ, á sì máa dín kù bí omi bá ṣe ń lọ sílẹ̀. Mítà 10 ló ń fún omi ní agbára báà 1. Ìwé inú páálí ní báà 1 ni ṣáwà yìí ń fẹ́ kó tó lè ṣiṣẹ́. Tiwa kò tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ omi ló ń ti omi wọ ilé, lọ́pọ̀ ìgbà omi náà ti ní agbára yẹn kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyàwó mi wò mí. Èmi náà wo òkè, mo ń wo ibi tí táńkì máa wà ní mítà 12.

Bàbá Ìbejì kò fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò. Ó so róbà mọ́ ẹ̀rọ abẹ́ táńkì, ó tẹ ẹnu róbà sílẹ̀, omi tú yàà. Ó gbé e dé orúnkún, ó ń dẹwọ́. Ó gbé e dé orí rẹ̀, omi wá ń ṣàn bí ìgbà tí ọmọdé ń tọ̀. Ó ní, "Omi tó kù yìí, tí a bá pín in fún ihò àwo ìjẹun yẹn, ẹ máa fọ ọṣẹ kúrò lójú títí di ọ̀sán." Ó ní orí ṣáwà kékeré ni ká lò, kí páìpù tó ń bọ̀ láti táńkì sì jẹ́ mílímítà 25, kó má ní ìgbọ̀nwọ́ púpọ̀ lójú ọ̀nà, torí pé ìgbọ̀nwọ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ lára agbára omi.

Mo ní ẹ̀rọ tó ń ti omi ńkọ́, ṣebí ó wà lọ́jà? Ó ní ó wà, ó sì dáa, tí iná bá wà ṣáwà á rọ bí òjò. Lẹ́yìn náà ni òun, èmi àti Ìyá Tọ́pẹ́ jọ gbójú sókè wo gílóòbù tó wà níta. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

Ẹ gbọ́, mi ò bá a jà. Ibo ni mo ti fẹ́ bá a jà? Ẹni tí mo ń bínú sí ni àwọn tó ń kó nǹkan sínú páálí. Báà 1 wà nínú ìwé tí wọ́n ká pọ̀ sí ìsàlẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kò ju èèrà lọ. Sẹ̀ǹtímítà 25 tàbí 30 wà lẹ́yìn páálí níbi tí wọ́n ti fi téèpù bò ó. Àwòrán obìnrin tó ń wẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín ló gba iwájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí iwájú, kí ẹ sì gbé obìnrin yẹn lọ sẹ́yìn.

Ní ti ṣáwà òjò, ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀, a kò tíì so ó rí. Ẹni tí táńkì rẹ̀ bá wà lókè ilé alájà mẹ́ta, tàbí tí iná kì í lọ ládùúgbò rẹ̀, kó wá sí Mowé ká jọ dúnàá dúrà. Kó mú tépù dání.