Máàkì 0.97 Tó Kó Mi Sí Wàhálà

Agbádá ni mo wọ̀ lọ sí ìpàdé ọjọ́ náà. Ẹ má bi mí ní ìdí. Ẹni tí módẹ̀lì rẹ̀ gba 0.97 lórí 1 kò yẹ kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ọlọ́jà gba owó láti orí káàdì l'Ékòó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa dá gbájúẹ̀ mọ̀ láàrin àwọn oníbàárà. Módẹ̀lì mi a máa fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 1; bí máàkì bá ṣe ga tó ni ìfura ṣe pọ̀ tó.

Mo gbé àwòrán ROC sára ògiri, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní láti inú iṣẹ́ àwọn tó ń wo réda nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló ti wá, bí wọ́n ṣe ń gbìyànjú láti mọ èyí tó jẹ́ ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá àti èyí tó jẹ́ ariwo lásán. Yíyà rẹ̀ kò le. Ẹ gbé ààlà ìfura sókè pátápátá, kẹ́ ẹ wá máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá dúró, ẹ béèrè nǹkan méjì. Nínú gbogbo olè tó wà, ìdá mélòó ló ti bọ́ sọ́wọ́ wa? Nínú gbogbo aláìṣẹ̀, ìdá mélòó la ti fura sí? Ti àkọ́kọ́ ń lọ sókè, ti èkejì ń lọ sápá ọ̀tún. Ìlà tó bá tètè gun òkè kó tó yà sọ́tùn-ún ló dáa. Ààyè tó wà lábẹ́ ìlà náà ni AUC. Bí a bá kàn fa olè kan àti aláìṣẹ̀ kan jáde láìwojú, AUC ló ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó pé máàkì olè yóò ju ti aláìṣẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ju owó ẹyọ sókè láti fi mọ olè yóò gba 0.5. Èmi gba 0.97. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sírọ́ kankan nínú ohun tí mo sọ, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó burú.

Wọ́n gbé módẹ̀lì náà sẹ́nu iṣẹ́. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Àǹtí tó ń darí àwọn tó ń pe oníbàárà lórí fóònù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ pelemọ. "Ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà," ó ní, "ṣé gbogbo Èkó lolè ni?"

Àwọn márùn-ún ni wọ́n wà ní yàrá yẹn. Bí wọn ò bá ṣeré, tíná ò sì lọ, wọ́n lè pe 200 èèyàn lóòjọ́. Módẹ̀lì mi kó èèyàn tó lé ní 2,000 fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tí a fura sí ni Bàbá kan tó ń sanwó kéèkì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, tí a dá káàdì rẹ̀ dúró níṣojú àwọn àna.

Mo jókòó ti ìṣirò. Ìsanwó bí 100,000 ló ń kọjá lọ́dọ̀ wa lóòjọ́; ẹ jẹ́ ká ní 100 nínú rẹ̀ ni jìbìtì. Ààlà tí mo yàn mú 90 nínú 100 olè yẹn, kò sì fura sí ju aláìṣẹ̀ méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí àwòrán ROC, ibi iyì nìyẹn, lókè lápá òsì. Ṣùgbọ́n 99,900 ni àwọn aláìṣẹ̀. Méjì nínú ọgọ́rùn-ún wọn jẹ́ 1,998. Ẹ fi 90 kún un, ó di 2,088 ìpè, olè kan nínú bíi mẹ́tàlélógún.

ROC ò lè sọ ìyẹn fún mi. Ó ń ka olè lọ́tọ̀, ó ń ka aláìṣẹ̀ lọ́tọ̀, kò síbi tó ti da àwọn méjèèjì pọ̀. Bí aláìṣẹ̀ bá di ìlọ́po mẹ́wàá lọ́la, ìlà náà ò ní mira. Èyí tó tún wà níbẹ̀ ni pé 200 ìpè nínú 100,000 kò ju méjì nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Etí òsì tíntín lára àwòrán yẹn nìkan la lè lò, AUC sì ń kó máàkì jọ láti gbogbo ibi tó kù, títí kan ibi tí a ti ń fura sí ìdajì ìlú.

Ìlà PR fi ìbéèrè kan rọ́pò òmíràn. Ó fi ìdá olè tó bọ́ sọ́wọ́ sí ìsàlẹ̀, ó wá ń béèrè lókè pé: nínú àwọn tí a fura sí, ìdá mélòó ni olè lóòótọ́? Ohun tí Àǹtí ń béèrè nìyẹn látàárọ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ:

```python
roc_auc_score(y, p)            # 0.97
average_precision_score(y, p)  # 0.31
```

Ọ̀gá àgbà wò ó, ó wò mí. "Lọ́jọ́sí 97, lónìí 31?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ òmùgọ̀ ni. Ẹni tó ń ju owó ẹyọ, tó ń gba 0.5 lábẹ́ ROC, kò lè rí ju ìdá olè tó wà láàrin èrò lọ lábẹ́ PR, ìyẹn 0.001 lọ́dọ̀ tiwa. Ìlọ́po 310 ni 0.31 fi jù ú lọ. Àwáwí gidi wà nílẹ̀, n ò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ o. Dátà tí mo fi kọ́ṣẹ́ ni ti àwọn oníkáàdì ilẹ̀ Yúróòpù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, ìsanwó 284,807, jìbìtì 492. Àwọn tó gbé e jáde kọ ọ́ síbẹ̀ pé ààyè abẹ́ ìlà PR ni kí á fi wọn módẹ̀lì. Mo fo gbólóhùn yẹn kọjá, ọwọ́ ń yún mi.

Láti gba iyì mi padà, mo wá ṣe èyí tó burú jù. Mo kó gbogbo jìbìtì oṣù kan jọ, mo mú aláìṣẹ̀ tó bá iye wọn dọ́gba, mo tún PR wọ̀n: 0.98! Mo sáré bá Àǹtí. Ó ní, "Olè ti wá pọ̀ tó aláìṣẹ̀ nìyẹn?"

Ẹnu mi wọhò. Nínú 100 olè àti 100 aláìṣẹ̀, ààlà kan náà mú 90 àti 2. Olè 90 nínú ìfura 92 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Módẹ̀lì ò kọ́ nǹkan tuntun kankan. Èrò ni mo pààrọ̀. Níbí ni ROC ti já sí ọmọlúàbí: orí 0.97 rẹ̀ náà ló wà. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá módẹ̀lì kan náà ń dá olè mọ̀ bákan náà níbi méjì tí olè ò pọ̀ tó ara wọn, ROC ni mò ń wò. Bí mo bá fẹ́ mọ ohun tí yóò bá Àǹtí lórí tábìlì, PR ni, àárín èrò tí módẹ̀lì yóò ti ṣiṣẹ́ gan-an ni mo sì gbọ́dọ̀ ti wọ̀n ọ́n.

Mo gbé ààlà sókè títí ìfura fi ku 200. Olè 50 ló wà nínú wọn, ọ̀kan nínú mẹ́rin. Àǹtí ní ìyẹn ṣeé bá ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ní àádọ́ta tó kù ńkọ́? Àbá wá jáde pé kí wọ́n gba èèyàn méjì sí i, kí ìpè di 280. Mo tẹ̀ lé ìlà PR lọ, mo rí i pé 80 ìpè tuntun yẹn kò ní mú ju olè 8 wá. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí bóyá olè mẹ́jọ lóòjọ́ tó owó oṣù ẹni méjì nígbà tí mo fi ibẹ̀ sílẹ̀.