Ìka Tó Tọ́ Símú

Sí ọ̀gá tó ń tún fóònù ṣe nínú ọjà Sókótó,

Àwọn àgbà ní ìka tó bá tọ́ símú la fi ń romú. Ayé ìgbà tiwọn dára: imú ò sọ fún ìka rí pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni fóònù mi kọ̀ báyìí.

Sámúsóǹgì A50 ni mo gbé wá fún yín. Gíláàsì ojú rẹ̀ ló là, ìtẹ̀ka rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ pààrọ̀ sikiríìnì, ojú ń dán, ìtẹ̀ka sì kú. Ẹ ní ọyẹ́ ló gbẹ ìka mi. Lóòótọ́, ìka gbígbẹ a máa da ìtẹ̀ka láàmú, ọyẹ́ Sókótó ò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Mo fi ìpara pa ọwọ́, pàbó. Ọmọ iṣẹ́ yín ní àlùbọ́sà tí mo bó ni. Ẹ wá ní ká fọ́máàtì ẹ̀. Kí làwọn fọ́tò mi ṣe yín?

Kámẹ́rà kékeré kan ló wà lábẹ́ sikiríìnì fóònù yẹn. Bí a bá fi ìka lé e, sikiríìnì á tan ìmọ́lẹ̀ sí ìka náà, ìmọ́lẹ̀ á padà gba àárín àwọn píkísẹ̀lì inú sikiríìnì kọjá, kámẹ́rà á sì rí ìlà ọwọ́. Ólẹ́ẹ̀dì tí píkísẹ̀lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tan iná ara rẹ̀ ló gba èyí láyè. Ẹ̀lísíìdì ní iná àti àwọn abala pelebe lẹ́yìn, tó dí kámẹ́rà lójú bí ìgbà tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé. Fọ́máàtì ò lè wó búlọ́ọ̀kù.

Mo ṣí àwòrán dúdú kirikiri nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ólẹ́ẹ̀dì ì bá kú pátápátá níbẹ̀. Eléyìí ń tàn bí eérú: ẹ̀lísíìdì lẹ fi síbẹ̀. Ká ní ó ṣókùnkùn ni, ǹ bá bọ́ gíláàsì ààbò tó nípọn kúrò, ǹ bá pa ìtẹ̀ka àtijọ́ rẹ́ kí n fi tuntun sílẹ̀, ǹ bá sì ní kí ẹ wò ó bóyá wáyà pelebe ẹ̀ ti já.

Ẹ ní, “Wàláhì, orígínà ni.” Orígínà ta ni? Àwa oníbàárà náà kúkú ń ná sikiríìnì bí ẹni ń ná àlùbọ́sà: iye la ń bèèrè, a kì í bèèrè irú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà ló mọ ohun tó fi síbẹ̀.

Sikiríìnì mi àtijọ́ dà? Gíláàsì òkè nìkan ló là. Àwòrán ń hàn, ó sì ń gbọ́ ọwọ́. Ẹni tó ní ẹ̀rọ rẹ̀ lè yọ gíláàsì yẹn, kó lẹ òmíràn, kí ìtẹ̀ka má sì mọ̀. Irú rẹ̀ lówó lórí láàárín àwọn oníṣòwò, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti dà á nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún mi, tàbí kí ẹ fi ólẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, tàbí kí ẹ dá owó mi padà.