Àjọjẹ Kò Dùn Bí Ẹnìkan Kò Bá Ní

Àwọn baba wa tí wọ́n ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní kò mọ ohun tí ń jẹ́ ẹ́síteètì. Ẹni tí wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n pa òwe náà ni aláìní tí ojú ń tì, tí ó jókòó ti àwo tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dáwó sí, tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá sí òkèlè nítorí ó mọ̀ pé òun kò mú nǹkan kan wá. Ṣùgbọ́n ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Lẹ́kkí lọ sí Ajáh, níbi tí ilé wà lẹ́yìn géètì tí géètì mìíràn sì tún wà lẹ́yìn ìyẹn, òwe náà ti forí sọlẹ̀: ẹni tí kò dáwó gan-an ni àjọjẹ ń dùn mọ́ jù lọ. Jíìpù méjì ń bẹ lágbàlá irú ẹni bẹ́ẹ̀, iná òpópónà ń tàn sí i lóru, mẹ́gáàdì ń sáré ṣí géètì fún un, ó ń kí i pé, "Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀ o," ó sì di oṣù mẹ́ta tí ọ̀gá ti dá kọ́bọ̀ sí owó oṣù ẹni tí ń kí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ́síteètì kan tí ó ní ilé 60 ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì ní ₦30,000 ni ilé kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù fún ìtọ́jú àdúgbò. Bí gbogbo wọn bá san, ₦1,800,000 ni yóò wọ àpò ẹgbẹ́ àwọn olùgbé. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ₦80,000, èyí tí ó fi díẹ̀ ju ₦70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní 2024 pé kí owó oṣù ẹnikẹ́ni má ṣe rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò kó ₦640,000. Dísù yóò mu ₦480,000. Gọ́tà, ilẹ̀ kíkó àti gílóòbù yóò gba ₦280,000. Èyí tí ó kù, ₦400,000, ni a ń tọ́jú de ọjọ́ tí ẹ̀rọ omi yóò dákú. Wàyí o, ilé 18 kò san. ₦540,000 ti fò lọ. Owó ìpamọ́ ti wọ inú rẹ̀ tán, a sì tún ní láti yá ₦140,000 kí oṣù tó parí. Ẹ má sì rò pé àwọn 18 náà nìkan ni yóò fojú winá rẹ̀, nítorí dísù ni wọn yóò kọ́kọ́ dín kù, òkùnkùn tí yóò sì ṣú ní aago mẹ́wàá alẹ́ kì í béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbà yìí ni ìkéde máa ń jáde. Alága tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba, tí kò sì rí ẹni pàṣẹ fún mọ́, yóò wá ọ̀rọ̀ líle kọ sínú ìwé pé kí gbogbo ajẹgbèsè san owó wọn kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó já iná wọn, a ó ti omi wọn pa, a ó ti géètì mọ́ wọn, a ó lẹ orúkọ wọn mọ́ géètì kí ayé lè rí wọn. Mo ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ó kún ojú ewé méjì, tí kò sì sí ibì kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti sọ iye tí ilé kan ṣoṣo jẹ, tàbí oṣù tí gbèsè náà ti bẹ̀rẹ̀. Wáyà iná kì í sì í ṣe ti ẹgbẹ́, ti ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ni; ẹni tí a bá sì ti géètì mọ́ kí ó má lè wọ ilé ara rẹ̀, ẹni tí ó jẹ gbèsè lánàá, ti di olùpẹ̀jọ́ lónìí, alága sì ti di olùjẹ́jọ́.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú ìhàlẹ̀ ni ìṣirò. Kí akápò kọ ìwé fún ilé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ó to oṣù àti owó rẹ̀ sí i, kí ó sì kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò fi í ránṣẹ́ sí. Ẹ wo ilé kan tí onílé rẹ̀ ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ayálégbé sì ń bẹ nínú rẹ̀. Gbèsè oṣù mẹ́ta, ₦90,000, ti wà lórí ilé náà. Onílé ní ayálégbé ni kí wọ́n bi, ayálégbé ní òun ti san tòun. Òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011, tí kò de Ìkòyí, Apápá, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà ṣùgbọ́n tí ó de ìhà Ajáh, sọ pé onílé tàbí aṣojú rẹ̀ tí ó bá gba owó ìtọ́jú lé owó ilé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó sì ṣe ìṣirò bí a ti ná owó náà fún un lákọsílẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà. Ayálégbé fa rìsíìtì yọ: ₦360,000 fún ọdún kan, aṣojú onílé ló gbà á. Ká ní wọ́n ti géètì mọ́ ọn bí alága ti fẹ́, ẹni tí ó ti sanwó ni wọn ìbá fìyà jẹ, tí onílé yóò sì máa mu tíì rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ìwé àkọ́kọ́ ní láti fún ajẹgbèsè ní ọjọ́ 14 kí ó san, tàbí kí ó sọ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú ìṣirò. Kí àwọn tí kì í ṣe akápò sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, nítorí a kì í fi ológbò ṣọ́ ẹja. Bí ọwọ́ bá há gádígádí, kí a gbà kí ó máa san díẹ̀díẹ̀. Ìwé kejì, ọjọ́ méje, ni yóò dárúkọ owó ìtanràn. Ìtanràn ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìpàdé gbogbogbò ti fọwọ́ sí sínú òfin ẹgbẹ́ kí gbèsè tó délẹ̀, bí àpẹẹrẹ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, tí yóò jẹ́ ₦9,000 lórí ₦90,000 yìí, kì í ṣe iye tí inú bá ṣe bí alága ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Àwọn mìíràn yóò ní òfin ìpilẹ̀ Nàìjíríà, abala 40, fún àwọn ní òmìnira láti má ṣe ẹgbẹ́ kankan. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n lọ ka ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n ra ilé, bóyá wọ́n ti ṣèlérí níbẹ̀ pé àwọn yóò máa san owó ìtọ́jú. Ẹgbẹ́ náà ni kí ó wá ìwé yẹn rí kí ó tó la ẹnu. Lẹ́yìn èyí, ilé ìlàjà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ fún aráàlú wà, tí kì í gba owó. Ilé ẹjọ́ májísíréètì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 2018 fún gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ sì wà pẹ̀lú, níbi tí ìwé tí a fi béèrè gbèsè ti gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹjọ́. Ẹgbẹ́ tí yóò pe ẹjọ́ ní orúkọ ara rẹ̀ ní láti ti forúkọ àwọn alábòójútó rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ilé iṣẹ́ ti 2020, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí ń fọ́nnu kò tíì ṣe.

Ìwé ìbéèrè gbèsè yẹn dé Peckham. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, onílé fi ₦90,000 ránṣẹ́ pẹ̀lú ìtanràn rẹ̀, ó sì fi ìbéèrè kan tì í lẹ́yìn: báwo ni wọ́n ṣe ná ti èṣí? Alága yíjú sí akápò. Akápò ní ìwé ìṣirò wà lọ́dọ̀ akọ̀wé. Akọ̀wé ní akápò ni òun fi í sílẹ̀ fún.