Apirọrọ Tó Ní Fóònù

Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo yóò jẹ́ méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú 9.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Tánkẹ́, níbí ní Ìlọrin. Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Àláàmù márùn-ún ló tò sínú fóònù rẹ̀, láti aago márùn-ún ìdájí títí di aago mẹ́fà. Bí àkọ́kọ́ bá dún, á yọ ọwọ́ lábẹ́ aṣọ, á tẹ Snooze. Fóònù á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 9, á tún ké. Ìpè àkọ́kọ́ bá a lójú oorun lóòótọ́. Láti ìpè kejì lọ, ó ti di apirọrọ: ó fowó háyà akéde, ó tún ń fún akéde lọ́rùn.

Kò sì jèrè nínú rẹ̀. Ọpọlọ kì í jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn tí a bá lajú kí òòyì oorun tó kúrò. Ẹni tó bá tún sùn padà lè padà bọ́ sínú òòyì náà. Ìṣẹ́jú 9 kéré jù láti sinmi, ó sì pọ̀ tó láti fi pẹ́.

Ni ìyá rẹ̀ bá ní kí n máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ jí i. Lọ́jọ́ kìíní, mo bú u: mo pè é ní ọ̀lẹ, mo ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé kíláàsì. Ó fèsì kíákíá: “Mo ti jí, sà.” Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo fi àdúrà gígùn ránṣẹ́, mo fi òdòdó sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní “Àmín”, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Ládàánì àdúgbò wa ló là mí lójú. Nínú ìpè ìrun àsùbáà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí nínú ìpè ìrun mẹ́rin yòókù: pé ìrun sàn ju oorun lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń sọ ọ́. Kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ, kò sì sọ pé oorun ò dùn. Ohun tó dára jù ú lọ ló dárúkọ.

Mo tún rántí àwọn oníwéré tó ń jí wa sí sààrì nígbà Ràmàdáánì, irú iṣẹ́ tí Síkírù Àyìndé Barrister fi bẹ̀rẹ̀ kó tó di ọba fújì. Ìlù wọn kò ní bọ́tìnnì. Ìta ló wà, ọwọ́ ẹni tó dùbúlẹ̀ kò tó o.

Mo kó ọgbọ́n méjèèjì pọ̀. Mo ní kó pa àláàmù mẹ́rin rẹ́, kó gbé fóònù sórí tábìlì tó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Lówùúrọ̀ ìdánwò rẹ̀, mo tẹ èyí ránṣẹ́:

“Àjàní, aago márùn-ún ààbọ̀ ti lù. Bí o bá ń ka èyí, o ti rìn dé ìdí tábìlì. Èyí tó le jù ti tán. Má padà. Tan iná, bọ́jú. Aago mẹ́jọ ni ìdánwò, kórópe kì í dúró de ẹni tó ń wá bàtà. O kàwé, o lè ṣe é. Má kọ ‘mo ti jí’ sí mi: pè mí láti ẹnu ọ̀nà, kí n gbọ́ ariwo ìta.”

Ó pè. Mo gbọ́ àkùkọ, mo gbọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀.

Ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ kì í san gbèsè oorun. Àgbàlagbà nílò ó kéré tán wákàtí méje. Ẹni tó wo bọ́ọ̀lù di aago kan òru kò ní í rí i gbà, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ dùn tó. Nítorí náà, aago mẹ́wàá alẹ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ ń lọ báyìí: “Àjàní, gbé fóònù sórí tábìlì.” Ẹni tó bá sì ń sùn tó, tó ń han-run gan-an, síbẹ̀ tí oorun ò kúrò lójú rẹ̀ lọ́sàn-án, dókítà ni kó rí.

Kó tó pa fóònù láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò náà, ó bi mí pé: “Bàbá, ẹ̀yin náà ńkọ́? Mi ò gbọ́ ariwo ìta lọ́dọ̀ yín.”

Mo fa aṣọ bo orí. Mo pirọrọ.